Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ sí ẹni tí kò wáṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́

Kí ló ya àtẹ̀jíṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí lẹ́tà tí a ń kọ sí ẹni tó ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́?

Ẹni tó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ti mọ iléeṣẹ́ yín, ó ti ka ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ó sì ń retí yín. Ẹni tí kò wáṣẹ́ jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa wá sí i lọ́kàn kó tó ka ìlà kejì: iṣẹ́ wo nìyẹn? Èló ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti dá a lágara, torí òun ni yóò wá kọ̀wé padà béèrè. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Wọ́n á kàn pa á tì.

Nítorí náà, ìwọ̀n tí a fi ń wọn àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rọrùn: ṣé ẹni tó kà á lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìsí pé ó kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan? Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́.

Kí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ?

Ẹ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba nǹkan mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni orúkọ iṣẹ́ náà bí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ níta ṣe ń pè é, kì í ṣe bí ìwé inú iléeṣẹ́ yín ṣe pè é. Èkejì ni iye owó tí wọ́n ti fọwọ́ sí, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ bi í pé, “Ta ló fọwọ́ sí i?” torí iye tó wà lọ́kàn ọ̀gá ẹ̀ka àti iye tí ẹ̀ka ìṣúná gbà kì í sábà bára mu. Ẹ̀kẹta ni ohun tó fa àyè iṣẹ́ náà: ṣé ẹnì kan ló lọ ni, àbí iṣẹ́ tuntun ló dé? Ẹ̀kẹrin ni ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ ti ṣe rí. Bí ọ̀gá bá ka ohun mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ ní kó mú ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ni ẹ máa fi wá ènìyàn, òun náà ni yóò di ìdí tí ẹ ó kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa rí ìdí tó ṣeé kọ?

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sá iṣẹ́. “Mo rí ìrírí yín, ó wú mi lórí gan-an” kì í ṣe ìdí. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn láìyí lẹ́tà kan padà, ẹni tó gbà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tó dúró máa ń ní apá méjì. Apá kan jẹ́ ohun tí ẹni náà ṣe tí gbogbo ènìyàn lè rí: àlàyé tó kọ, ọ̀rọ̀ tó sọ níbi àpérò, iṣẹ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Apá kejì jẹ́ ìṣòro tó wà níwájú iléeṣẹ́ yín báyìí tí ohun tó ṣe yẹn lè yanjú. Ẹ so méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan tàbí méjì. Bí ẹ bá mú apá kìíní nìkan, ìyìn lásán ni. Bí ẹ bá mú apá kejì nìkan, ìpolówó iṣẹ́ ni.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ yọ orúkọ ẹni náà kúrò, kí ẹ fi orúkọ ẹlòmíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí i. Bí gbólóhùn yẹn bá ṣì bá a mu, ìdí yín kò tíì tó.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé náà wà. Ẹ má mẹ́nu ba ọmọ rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí àwòrán tó gbé síbi tó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹ má sì kọ ọ́ pé ẹ gbọ́ pé iléeṣẹ́ rẹ̀ ń dá àwọn ènìyàn dúró, àní kó tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó wà lọ́kàn yín lè jẹ́ àánú, àmọ́ etí ẹni tó ń kà á yóò gbọ́ ìhàlẹ̀.

Ẹ fi odindi àpẹẹrẹ kan hàn wá.

Ká ní iléeṣẹ́ kan tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìpamọ́ tútù mẹ́ta. Gáàsì R-404A ni ẹ̀rọ amúǹkantutù wọn ń lò, wọ́n sì fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ sí R-744, ìyẹn gáàsì kábọ́nì-dáyọ́sáìdì, tí ìfúnpá rẹ̀ ga ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Ẹni tí wọ́n ń wò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú oúnjẹ dídì, ó sì ti kọ àlàyé sórí ìtàkùn nípa irú ìyípadà yẹn gan-an. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà lè lọ báyìí:

> Àkọlé: Ẹnjiníà àgbà, ẹ̀rọ amúǹkantutù: 60,000 sí 72,000 lọ́dún
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àlàyé yín nípa bí ẹ ṣe yí ilé ìpamọ́ oúnjẹ kan kúrò lórí R-404A sí R-744 láìti ibẹ̀ pa. Ilé ìpamọ́ àjẹsára mẹ́ta ni àwa náà fẹ́ yí bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 18, wọn ò sì lè gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ fún wákàtí kan pàápàá. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa tó ti ṣe é rí. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.
>
> Iṣẹ́ náà: ẹnjiníà àgbà, iṣẹ́ gbére, òṣìṣẹ́ mẹ́rin lábẹ́ yín, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan nínú márùn-ún, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lóru.
>
> Owó: 60,000 sí 72,000 lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí. Owó ìpè òru kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìyípadà yìí rí, láti 68,000 lọ sókè la ní lọ́kàn fún un.
>
> Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ sí i, mo lè pè yín fún ìṣẹ́jú 15 ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí nínú ètò yín, ẹ kàn kọ “rárá”, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn iye owó, ẹ kọ orúkọ owó tí ẹ ń ná. Lẹ́yìn èyí, orúkọ yín ní kíkún, iṣẹ́ yín, orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè.

Ẹ wo bí ìdí ṣe ṣáájú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tí owó sì ti wà nínú àkọlé. Kò sí ìtàn ìgbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì wo ìpè òru: ohun tó lè lé ènìyàn sá ni, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ẹni tí ìpè òru kò bá lára mu yóò jáwọ́ lónìí, kàkà kó jáwọ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ọ̀gá ti fọkàn sí i.

Ọ̀gá ní ká má sọ owó. Ká kọ “owó tó jọjú”. Kí ni mo lè sọ fún un?

Ẹ sọ fún un pé owó tó jọjú lójú iléeṣẹ́ lè má tó owó tí ẹni yẹn ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ títí wọ́n á fi jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Àkókò ọ̀gá náà ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Ohun tó sábà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀rù: àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé lè rí iye náà, kí wọ́n sì mọ̀ pé tiwọn kò tó o. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ kọ́ ló dá ìṣòro náà sílẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín owó òṣìṣẹ́ tó wà nílé àti ti ẹni tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ kí ìwé tó jáde.

Òfin náà ti ń sún mọ́ ibẹ̀. Láti ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ti ní kí agbanisíṣẹ́ kọ iye owó sínú ìpolówó iṣẹ́, California tẹ̀ lé e ní 2023. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin àjọ náà ti ọdún 2023 lórí ìfojúhàn owó iṣẹ́ ní kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ti mọ owó ìbẹ̀rẹ̀ tàbí gbèdéke rẹ̀ lásìkò, kó lè fi dúnàádúrà. Ó tún kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti béèrè iye tí ẹni náà ń gbà níbi tó wà. Kì í ṣe gbogbo òfin wọ̀nyí ló mẹ́nu kan àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, àmọ́ iye kan náà tó wà nínú ìpolówó níta ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ènìyàn á fi méjèèjì wéra.

Báwo ló ṣe yẹ kí àlàfo ìsàlẹ̀ àti òkè tó?

Èyí ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ká tẹ̀ lé àpẹẹrẹ wa. Nínú ìwé iléeṣẹ́ náà, ipò ẹnjiníà àgbà bẹ̀rẹ̀ láti 56,000, ó sì parí sí 84,000. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè ìwọ̀n yẹn jẹ́ ti ẹni tó ti pẹ́ nípò náà, tí owó rẹ̀ ti ń gòkè lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa gbà wọlé ní 84,000. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹni tuntun ni 60,000 sí 72,000, òun ni ẹ kọ.

Bí ẹ bá kọ 84,000, iye yẹn nìkan ni ẹni náà máa rántí. Gbogbo ènìyàn ló ń ka òkè, kò sẹ́ni tó ń ka ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fi 70,000 lọ̀ ọ́, owó tó dára tẹ́lẹ̀ á dà bí ìrẹ́jẹ. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Láti 60,000 dé 72,000, òkè fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣeé gbé. Bí òkè bá ti tó ìlọ́po méjì ìsàlẹ̀, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń wá ènìyàn sí lábẹ́ orúkọ kan. Ẹ padà lọ bi ọ̀gá pé èwo ló fẹ́, ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ni àbí ẹni tí yóò darí rẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ wù ú ní tòótọ́, ẹ kọ ìlà méjì, kí ẹ sọ ohun tó yà wọ́n.

Kí ló tún yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà?

Ọdún ni àbí oṣù. Ṣáájú owó orí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Owó iṣẹ́ gan-an nìkan ni, àbí ẹ ti ro bónọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń san owó oṣù 13 lọ́dún: 72,000 tí a pín sí 12 jẹ́ 6,000 lóṣù, bí a bá pín in sí 13, ó di 5,538 ó lé díẹ̀. Ẹni tó ń fi owó oṣù rẹ̀ wé tiyín lè ṣìṣe níbẹ̀, kó sì bínú lórí ohun tí kò sí.

Bí bónọ́ọ̀sì bá wà, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ó dájú tàbí ó dá lórí èrè iléeṣẹ́. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ kí iye lè tóbi lójú.

Iléeṣẹ́ aṣojú ni wá, àwọn tó rán wa kò sì tíì fẹ́ kí a dárúkọ wọn. Ṣé ó burú?

Kò burú, ó kàn mú kí ìdí ṣòro díẹ̀ láti kọ. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe, bó ṣe tóbi tó, àti ibi tó wà. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa dárúkọ rẹ̀, bíi “n ó sọ orúkọ wọn bí a bá ti jọ sọ̀rọ̀”. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ mọ́ orúkọ ni owó. Bí orúkọ àti owó bá jọ ṣòkùnkùn, kò sí ohun tó kù láti gbà gbọ́.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iléeṣẹ́ tí ẹni náà wà jẹ́ oníbàárà yín. Ọ̀pọ̀ àdéhùn aṣojú ló sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fa òṣìṣẹ́ oníbàárà yín lọ síbòmíì.

Ibo ni kí n fi ránṣẹ́ sí, kí ó sì gùn tó báwo?

Ẹ má fi sí ímeèlì tó ń lò níbi iṣẹ́, ẹ má sì kọ ọ́ sábẹ́ ohun tó gbé síta níbi tí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i. Ẹ lè kó o sí wàhálà tí òun fúnra rẹ̀ kò wá.

Gígùn àpẹẹrẹ òkè yẹn ti tó. Lórí LinkedIn, InMail gba nǹkan bí lẹ́tà 1,900, àmọ́ pé àyè wà kò ní kí ẹ kún un. Ìwé kékeré tó ń bá ìbéèrè ìsopọ̀ lọ kò gbà ju 300 lọ. Iṣẹ́, owó àti ìdí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì lè wọ inú rẹ̀:

> Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àlàyé yín lórí R-404A sí R-744. A fẹ́ yí ilé ìpamọ́ àjẹsára 3 bẹ́ẹ̀, a ń wá ẹnjiníà àgbà. Owó: 60,000 sí 72,000 lọ́dún, ṣáájú owó orí. Ṣé kí n fi àlàyé ránṣẹ́?

Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra: lẹ́tà tó ní àmì lókè àti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ lè ka ara rẹ̀ sí méjì, àyè á sì tán kí ẹ tó parí.

Ṣé ó pọn dandan kí n sọ ibi tí mo ti rí orúkọ rẹ̀?

Ní Yúróòpù, Abala 14 òfin ààbò ìsọfúnni, GDPR, sọ ọ́: bí ẹ bá gba ìsọfúnni ènìyàn níbòmíì tí kì í ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un láàárín oṣù kan ó pẹ́ tán. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo ìsọfúnni náà láti bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan àti ìlujá sí ìwé ìlànà yín ń ṣe é. Níbi tí òfin kò ti sọ bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹ sọ ọ́, ó ń pa ìfura.

Bí ẹnì kan ló júwe rẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ wà.

Kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n tún kọ?

Ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Kí ó kúrú, kí ó sì ní ohun tuntun kan nínú: ọjọ́ tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa bẹ̀rẹ̀, tàbí ohun tí ọ̀gá ṣàlàyé sí i nípa iṣẹ́ náà. “Mo kàn ní kí n tún rán yín létí” kò ní nǹkan kan nínú. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ yín kí ẹlẹgbẹ́ yín má lọ kọ ìwé kan náà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ogún ènìyàn tí ẹ kọ sí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, kì í ṣe ìránlétí ló kù. Ẹ wo ìdí tí ẹ kọ, bóyá ogún yẹn ló bá mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dáhùn tí wọ́n sì ń sọ “ẹ ṣeun, rárá”, àtẹ̀jíṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà tàbí owó ni wọ́n kọ̀.

Ó dáhùn pé òkè owó yín kò tó ohun tí òun ń gbà.

Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì má ṣe sọ pé “ó ṣeé ṣe ká rí nǹkan ṣe sí i” àyàfi bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ lè bi í ní iye tí ì bá mú kó ronú sí i, bí ó bá fẹ́ sọ. Iye tó ń gbà lọ́wọ́ kọ́ lẹ ń béèrè. Bí mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà tó dáhùn bá dárúkọ iye tó ju 72,000 lọ, ẹ kó ìdáhùn wọn lọ bá ọ̀gá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Òun ni yóò yàn bóyá kí owó gòkè, kí ohun tí ó ń béèrè dín kù, tàbí kí àyè iṣẹ́ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀.